Àkọsílẹ̀ lẹ́yìn ìjókòó: mo kọ ojú ìwé mẹ́ta, ẹni tó gba ipò mi kò rí ohun tó yẹ kó rí

Ọmọ Ìgbógbó

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Kọ́ńsẹ́lọ̀ ni mí ní ilé ìtọ́jú kékeré kan ní Ìkòròdú. Lẹ́yìn ìjókòó àádọ́ta ìṣẹ́jú, mo máa ń kọ tó ojú ìwé mẹ́ta. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ara mi ò yá, ẹlẹgbẹ́ mi kan sì bá mi gba màmá kan tó ní ìsọ̀, tí mo ti rí lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó ní òun fi ogún ìṣẹ́jú ka fáìlì náà, òun ò sì mọ ibi tí a bá ọ̀rọ̀ dé. Báwo ni mo ṣe lè kọ ọ́ kó kúrú, kó má tú àṣírí ẹni tó fọkàn tán mi, kó sì wúlò fún ẹni tó bá máa kà á lẹ́yìn oṣù mẹ́fà? Díẹ̀ nínú ohun tí mo kọ ní ìjókòó kẹrin nìyí. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, mo yí i sí Yorùbá fún yín, mo sì ti pààrọ̀ gbogbo ohun tó lè jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá wọn mọ̀:

> Ó wọlé ní aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, ó wọ ìró àti bùbá aláwọ̀ ewé, ó ní ọkọ̀ ò rìn ní ojú ọ̀nà Ṣàgámù. Ó ní òun ò rí oorun sùn. Ọkọ rẹ̀ (mo kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀), tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ti fẹ́ ìyàwó kejì sí Ìjẹ̀dẹ̀, ó sì gbọ́ pé ìyàwó náà ní àrùn kan tí wọ́n ń fi pamọ́. Ó sunkún. Ó ní àwọn ẹbí ọkọ ń fojú burúkú wo òun, pé ayé ti sú òun, pé owó ilé ìwé ọmọ kò tíì pé. Mo gbà á níyànjú gan-an. Ó ń ṣe bí ẹni tí kò fẹ́ gba ìmọ̀ràn. Inú rẹ̀ dùn nígbà tó ń lọ.

Ìyá Ẹ̀bútè

Ọmọ mi, ká tó sọ̀rọ̀ ìwé kíkọ rárá, mo fẹ́ kó o padà sí gbólóhùn kan níbẹ̀: "ayé ti sú òun." Kí lo bi í lẹ́yìn tó sọ bẹ́ẹ̀? Mi ò rí i nínú ohun tó o kọ. Ó kàn há sáàárín ẹbí ọkọ àti owó ilé ìwé, bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

"Ayé sú mi" lẹ́nu wa lè jẹ́ ti ẹni tí ìyà ọjọ́ náà ti dá lágara, tó bá sùn ní alẹ́, á tún dìde lọ sọ́jà. Ó sì lè jẹ́ ti ẹni tó ti ń rò ó pé ikú sàn fún òun. Ìwé ò lè sọ èyí tó jẹ́ fún wa àfi kó o bi í. Tó ò bá bi í, jọ̀ọ́, pè é lónìí kó o tó ka ohun yòówù tí a bá kọ síbí. Ọdún kejìlélógún mi rèé nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ọpọlọ, ohun tí mo bẹ̀rù jù nínú fáìlì ni gbólóhùn tí ẹnì kan sọ, tí ẹni tó gbọ́ ọ kọ sílẹ̀, tí kò sì dá a padà fún un ní ìbéèrè.

Ọmọ Ìgbógbó

Ẹ ṣé mà. Mi ò bi wọ́n. Mo rò pé ọ̀rọ̀ tí gbogbo èèyàn máa ń sọ ni. Mò ń pè wọ́n báyìí.

Bàbá Onífáìlì

Ẹ jẹ́ n dá sí i. Iṣẹ́ ìtọ́jú fáìlì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ohun tí a kò kọ, kò sẹ́ni tó lè kà á. Ní ibì kan tí mo ti ṣiṣẹ́, lọ́yà kan gba ìwé láti ilé ẹjọ́ wá, ó gbé fáìlì ìyàwó ilé kan lọ, gbogbo ohun tí obìnrin yẹn fi ẹkún sọ nípa ọkọ rẹ̀ àti nípa àbúrò ọkọ ni wọ́n kà sétí gbogbo èèyàn. Mo wà níbẹ̀. Obìnrin náà ò gbé ojú sókè títí wọ́n fi tú ká. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sọ fún àwọn kọ́ńsẹ́lọ̀ pé kí wọ́n kọ ọ́ báyìí: "Ó wá. A sọ̀rọ̀. Ara ń yá. Ó máa padà wá." Ó parí.

Ìyá Ẹ̀bútè

Bàbá, ẹ ṣeun. Ohun tí ojú yín rí yẹn kì í ṣe kékeré, ẹ sì jàre lórí pé ọ̀rọ̀ nípa àbúrò ọkọ kò níṣẹ́ kankan tó ń ṣe nínú fáìlì yẹn. Ṣùgbọ́n gbólóhùn mẹ́rin tí ẹ kọ yẹn, mi ò lè fara mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká ní wọ́n gbé obìnrin yìí dé ilé ìwòsàn ní aago méjì òru. Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ò mọ̀ ọ́n rí. Ó ṣí fáìlì, ó rí "ara ń yá." Kí ló máa fi ṣe? Tí nǹkan bá sì ṣẹlẹ̀, tí wọ́n wá béèrè lọ́wọ́ kọ́ńsẹ́lọ̀ bóyá ó bi í nípa ikú, "ara ń yá" kò lè dáhùn fún un. Ó lè jẹ́ pé ó bi í dáadáa o, ṣùgbọ́n lójú ẹni tó ń ka fáìlì, ohun tí kò sí níbẹ̀ kò ṣẹlẹ̀. Ẹ gé òfófó kúrò. Ẹ má gé ewu.

Ọmọ Ìgbógbó, ohun tí mo máa ń ṣe rèé. Tí ẹni náà bá ti jáde, mi ò mú bírò. Mo máa ń jókòó bí ìṣẹ́jú kan, màá bi ara mi ní ìbéèrè mẹ́ta. Kí ló ti yàtọ̀ láti ìgbà tí a ríra kẹ́yìn? Kí la ṣe lónìí, báwo ló sì ṣe gbà á? Kí lèmi ṣe, kí lòun náà ṣe, kí a tó tún ríra? Ìdáhùn sí mẹ́ta yìí ni àkọsílẹ̀ mi. Ohun tí kò bá dáhùn ọ̀kankan nínú wọn, mi ò kọ ọ́, bó ti wù kó dùn-ún gbọ́ tó. Aṣọ aláwọ̀ ewé yẹn ò dáhùn kankan. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ní ìjókòó mẹ́ta àkọ́kọ́ aṣọ kan náà tí kò fọ̀ ló ń wọ̀ wá, tó wá wẹ̀, tó múra lónìí, aṣọ ti di ohun tó yàtọ̀ nìyẹn, màá kọ ọ́.

Àádọ́ta ìṣẹ́jú ni ìjókòó, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kù nínú wákàtí yẹn ni ti ìwé. Ọjọ́ náà gan-an ni mo máa ń kọ ọ́. Tó bá fi di ọ̀la, ẹlòmíì ti wá jókòó sórí àga yẹn, ọ̀rọ̀ ẹni kejì á sì ti máa wọnú ti ẹni àkọ́kọ́.

Ọmọ Ìmọ̀ta

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé wa. Rọpárọsẹ̀ ló mú bàbá mi, ẹni tó ń wá ṣe ìtọ́jú ẹsẹ̀ fún wọn nílé máa ń kọ ọ́ sínú ìwé ní gbogbo ìgbà tó bá wá: wọ́n fi ọ̀pá rìn láti ẹnu ọ̀nà yàrá dé ibi tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sinmi lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n sinmi lẹ́ẹ̀kan. Èmi tí mi ò kọ́ṣẹ́ dókítà kà á, ó sì yé mi. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń tọ́jú yín máa ka ìgbésẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ìgbógbó

Ẹ ṣé, Ọlọ́run á fún bàbá ní àlàáfíà. Ìtọ́jú ọkàn lèmi ń sọ, ti ọ̀rọ̀ sísọ, kì í ṣe ti ẹsẹ̀.

Ìyá Ẹ̀bútè

Má tíì jẹ́ kó lọ. Ohun tó sọ bá ọ̀rọ̀ wa mu ju bó ṣe rò lọ. "Ó sinmi lẹ́ẹ̀mejì, ó sinmi lẹ́ẹ̀kan": kí ni tìrẹ nínú fáìlì màmá yìí? O kọ pé kò rí oorun sùn. Wákàtí mélòó ló sùn? O kọ pé inú rẹ̀ dùn nígbà tó ń lọ. Ta ló rí i, kí lo rí? Ṣé ó ṣí ìsọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí? Ọjọ́ mélòó? Ìsọ̀ ṣíṣí ni ìrìn tirẹ̀.

Ṣé ẹ ń lo PHQ-9 níbẹ̀, ìwé ìbéèrè tí a fi ń wọn ìrẹ̀wẹ̀sì?

Ọmọ Ìgbógbó

A ń lò ó mà. Ní ìjókòó àkọ́kọ́ máàkì wọn jẹ́ 16, ní ìjókòó kẹrin ó wá sí 13. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀yìn fáìlì pé ó ti dínkù.

Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀. Mo bi wọ́n ní tààrà pé, "Ẹ̀yin lẹ ní ayé ti sú yín níjọ́sí. Ṣé ó ti ń ṣe yín bí ẹni pé kí ẹ kú?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní ó ń wu àwọn nígbà míì kí àwọn sùn kí àwọn má jí mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ò ní fọwọ́ ara àwọn ṣe nǹkan kan nítorí àwọn ọmọ. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ti ronú ọ̀nà kankan. Wọ́n ní rárá. Mo bi wọ́n bóyá ohun tó lè ṣe wọ́n ní jàǹbá wà nítòsí. Wọ́n ní oògùn apakòkòrò wà ní ìsọ̀, àwọn ń tà á. Wọ́n gbà pé kí àbúrò wọn tí wọ́n jọ ń tajà kó o lọ sọ́dọ̀ tirẹ̀ lónìí, wọ́n sì ní kí n bá àbúrò náà sọ̀rọ̀. Ó ti kó o lọ. Lọ́la ni wọ́n ń bọ̀, kò ní tó ọ̀sẹ̀. Mo ti sọ fún ọ̀gá mi náà.

Ìyá Ẹ̀bútè

O ṣe é dáadáa. Bí wọ́n ṣe ń bi í gan-an nìyẹn.

Jọ̀ọ́ ṣí ìwé ìbéèrè méjèèjì yẹn, wo nọ́ńbà 9. Òun ló ń béèrè bóyá ó ti ń ṣe é bíi pé ó sàn kí òun kú tàbí kí òun ṣe ara òun léṣe. Mélòó ló mú ní àkọ́kọ́, mélòó ló mú ní ìkẹrin?

Ọmọ Ìgbógbó

Ní àkọ́kọ́, 0. Ní ìkẹrin, 1.

Ha. Mi ò wò ó. Àpapọ̀ nìkan ni mò ń wò.

Ìyá Ẹ̀bútè

Ohun tí mo rò nìyẹn. Ìbéèrè mẹ́sàn-án ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 3, gbogbo rẹ̀ ò sì lè ju 27 lọ. Láti 16 sí 13, ó dínkù lóòótọ́: ó ṣeé ṣe kó máa jẹun dáadáa sí i, kí ara rẹ̀ sì fúyẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ìdínkù yẹn, èyí tó ṣe pàtàkì jù ti gòkè. Ẹni tó bá kọ "13, ó ti dínkù" kò parọ́, síbẹ̀ ẹni tó bá kà á á fọkàn balẹ̀ níbi tí kò yẹ kó ti balẹ̀. Nítorí náà, nígbàkigbà tó o bá kọ àpapọ̀, kọ nọ́ńbà 9 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kódà tó bá jẹ́ 0. Kò gbà ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ.

Àgbádárìgì

Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè kan. Ẹ ní Gẹ̀ẹ́sì lẹ fi kọ ọ́. Kí lẹ kọ fún "ayé sú mi" ní Gẹ̀ẹ́sì?

Ọmọ Ìgbógbó

Ẹ mú mi níbi tó dùn mí. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mo lò kò ju "ó ti rẹ̀ ẹ́" lọ. Ìgbà tí mo ń yí i padà sí Yorùbá fún yín ni ohun tí wọ́n sọ gan-an tó padà wá sọ́kàn mi. Ìyẹn ni pé ẹlẹgbẹ́ mi tó ka fáìlì fún ogún ìṣẹ́jú ò tiẹ̀ lè rí i rárá.

Àgbádárìgì

Bó ṣe ń rí lọ́dọ̀ wa náà nìyẹn. Ní Àgbádárìgì níbí, Ògù ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi ń sọ, Yorùbá lèmi ń sọ, ọmọbìnrin kan ló ń túmọ̀ fún wa, Gẹ̀ẹ́sì ni mo wá ń kọ. Kí ọ̀rọ̀ tó dénú ìwé, ó ti kọjá lẹ́nu mẹ́ta. Nísinsìnyí, tí gbólóhùn kan bá jọ ọ̀rọ̀ ikú, tàbí ọ̀rọ̀ ohun tí ẹlòmíì ò gbọ́ tí òun gbọ́, màá ní kí ògbufọ̀ tún un sọ bí ẹni náà ṣe sọ ọ́, màá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní Ògù láàárín àmì ọ̀rọ̀, màá kọ ìtumọ̀ tí ògbufọ̀ fún mi sí i, màá sì kọ pé ògbufọ̀ ló túmọ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún, ó pọ̀ jù méjì. Dókítà kan bínú sí mi pé ta ló fẹ́ ka Ògù nínú fáìlì. Mi ò tíì mọ bóyá òun ló jàre.

Bàbá Onífáìlì

Dókítà yẹn jàre. Fáìlì gbọ́dọ̀ wà ní èdè kan tí gbogbo òṣìṣẹ́ lè kà.

Ìyá Ẹ̀bútè

Lójú tèmi, Àgbádárìgì ló jàre. Ìtumọ̀ wà níbẹ̀ fún dókítà, ọ̀rọ̀ gan-an sì wà níbẹ̀ fún ẹni tó gbọ́ èdè náà tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ iwájú.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́

Mi ò kì í ṣe kọ́ńsẹ́lọ̀. Èmi lẹni tí wọ́n kọ nípa rẹ̀.

Lẹ́yìn tí mo bí ọmọ mi kejì, ara mi ò dá, mo lọ ń rí ẹnì kan fún oṣù bíi mélòó kan. Nígbà tí mo fẹ́ lọ sí ilé ìtọ́jú míì, wọ́n kó ẹ̀dà fáìlì mi fún mi, mo jókòó sínú ọkọ̀ ní gáréèjì, mo kà á. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé mò ń "ṣe bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n máa káàánú òun." Ọjọ́ tí wọ́n kọ ìyẹn ni ọjọ́ tí mo sọ fún un pé mo bẹ̀rù láti wẹ ọmọ mi. Mo fi ọjọ́ mẹ́ta ronú láti mọ ohun tí mo ṣe tó jọ bẹ́ẹ̀. Orúkọ ìyá ọkọ mi àti ohun tí mo sọ nípa rẹ̀ náà wà níbẹ̀, ẹni tó sì kó ẹ̀dà náà fún mi ń ra ẹja lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi. Mi ò mọ̀ bóyá ó kà á. Mo ṣì máa ń rò ó tí mo bá rí i.

Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́, ẹ rántí pé àwa náà lè kà á.

Ìyá Ẹ̀bútè

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ohun tí wọ́n ṣe sí ọ yẹn kò dáa. Mo dúpẹ́ pé o sọ ọ́ fún wa.

Ọmọ Ìgbógbó, "ó ń ṣe bí ẹni tí kò fẹ́ gba ìmọ̀ràn" wà nínú tìrẹ náà. Tọkàntọkàn ni mo fi sọ èyí: kí lo rí tó o fi kọ ọ́? Ó ṣeé ṣe kó dákẹ́. Ó ṣeé ṣe kó sọ pé "mo ti gbìyànjú ẹ̀." Kọ ìyẹn. Ohun tó sọ, "ó ní" ló máa wà níwájú rẹ̀. Ohun tí ojú rẹ rí, kọ ọ́ bó o ṣe rí i: ó wo ilẹ̀, ó sunkún nígbà tí a dárúkọ àwọn ọmọ. Ohun tí ìwọ rò, jẹ́ kó hàn pé ìwọ lo rò ó, kó o sì sọ ohun tó mú ọ rò ó. Tí mẹ́ta yìí bá pa pọ̀ sójú kan, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ìwọ fúnra rẹ ò ní mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ àti èyí tó jẹ́ pé ó ti rẹ̀ ọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ọmọ Ìgbógbó

Ó yé mi, ó sì dùn mí. Ṣùgbọ́n àrùn ìyàwó kejì ń kọ́? Tí mo bá yọ ọ́, tó bá jẹ́ àrùn tó lè ran màmá náà ń kọ́?

Ìyá Ẹ̀bútè

Ìlera obìnrin tí kò wá sọ́dọ̀ rẹ ni, wọ́n sì kàn gbọ́ ọ ni. O ò lè jẹ́rìí sí i. Ẹni tí ìwọ ń tọ́jú ni kó o kọ nípa rẹ̀: "Ó ń bẹ̀rù fún ìlera ara rẹ̀, ó fẹ́ ṣe àyẹ̀wò, mo kọ ìwé fún un láti lọ." Ohun tó nílò wà níbẹ̀, àrùn ẹlòmíì ò sí níbẹ̀. "Ọkọ" tó, orúkọ rẹ̀ ò wúlò.

Ọ̀kan ló yàtọ̀. Tí ó bá ní ọkọ òun lu òun, má gé ìyẹn kúrú. Kọ ẹni tó ṣe é, ọjọ́ tó ṣe é, ọ̀rọ̀ tó fi sọ ọ́, àti àpá tí ìwọ fi ojú ara rẹ rí àti ibi tó wà lára rẹ̀. Ìwé yẹn lè jẹ́ ẹ̀rí kan ṣoṣo tó ní.

Lọ́yà Òdogùnyàn

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi ní ṣókí, nítorí Bàbá Onífáìlì ti mẹ́nu kan ilé ẹjọ́. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014, ní abala 26, ní àṣírí ni gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ìlera àti ìtọ́jú ẹni. A lè tú u sílẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ bá fọwọ́ sí i nínú ìwé, tí ilé ẹjọ́ tàbí òfin bá pàṣẹ, àti ní ìgbà díẹ̀ míì bíi ti ọmọdé tàbí ewu ńlá sí ìlera ará ìlú. Lẹ́tà lọ́yà lásán kì í ṣe àṣẹ ilé ẹjọ́, ẹ má gbé fáìlì fún un. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti 2023 náà sì fún ẹni tí a kọ nípa rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí a kọ. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ò ṣẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù máa ń ba àwọn kan láti kọ ọ̀rọ̀ ikú nítorí wọ́n gbọ́ pé ẹ̀wọ̀n ọdún kan wà fún ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀. Ìyẹn wà nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn, ní abala 327. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, òfin tiwa ní kí ilé ẹjọ́ pàṣẹ ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn ni. Àti pé ìgbìyànjú ni òfin ń sọ. Ẹni tó ní ó ń wu òun kí òun má jí mọ́ kò gbìyànjú ohun kankan. Kíkọ tí ẹ kọ ọ́ kò sọ ọ́ di ọ̀daràn.

Bàbá Onífáìlì

Ẹ ṣé sà. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí kọ́ńsẹ́lọ̀ ní ìwé ìkọ̀kọ̀ kan lọ́tọ̀ fún àwọn ọ̀rọ̀ tó gbóná, kí fáìlì wà ní tirẹ̀. Mo gbọ́ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Amẹ́ríkà nìyẹn.

Lọ́yà Òdogùnyàn

Òótọ́ ni pé òfin wọn níbẹ̀ ya irú ìwé bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára fáìlì, ó sì fún un ní ààbò tirẹ̀. Nínú òfin 2014 tiwa, mi ò rí irú ìlà bẹ́ẹ̀. Tí adájọ́ bá ní kí ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ kọ wá, mi ò ní sọ fún oníbàárà mi pé ìwé ìkọ̀kọ̀ kò sí lára rẹ̀.

Ìyá Ẹ̀bútè

Èmi ní ọ̀kan. Kò sí orúkọ níbẹ̀, kò sí ọjọ́. Ohun tó bá ń dà mí láàmú nípa ara mi nínú iṣẹ́ ni mo ń kọ síbẹ̀, mo máa ń gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tọ́ mi sọ́nà, tí a bá ti sọ ọ́ tán, mo máa ń ya á.

Lọ́yà Òdogùnyàn

Mà, ẹ má ya á tí ẹjọ́ bá ti wà nílẹ̀. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù nínú ohun tí ẹ sọ.

Ìyá Ẹ̀bútè

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n tí mi ò bá ní ibi kankan tí mo lè kọ ọ́ sí pé inú bí mi sí ẹni tí mò ń tọ́jú, ó máa wọnú fáìlì rẹ̀ lọ́nà míì, bó ṣe wọ ti Ọmọ Ẹ̀pẹ́. Mi ò tíì rí ọ̀nà àbáyọ sí èyí.

Ọmọ Ìgbógbó

Màmá náà wá láàárọ̀ yìí. Mo pa ìlẹ̀kùn lẹ́yìn tí wọ́n lọ, mo jókòó díẹ̀, mo kọ èyí. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló gbà mí.

> Ìjókòó 5, ìṣẹ́jú 50, òun nìkan. Ó ní òun ń sùn bíi wákàtí 4 lálẹ́ (ó jẹ́ 2 ní ìjókòó 3). Ó ṣí ìsọ̀ ní ọjọ́ 3 nínú 6. PHQ-9: 12, nọ́ńbà 9: 1.
>
> Ewu: ó ní "ó ń wù mí kí n sùn kí n má jí mọ́", bíi ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yìí. Mo bi í: kò ní ètò, kò ní èrò láti ṣe é, kò gbìyànjú rí. Ó ní àwọn ọmọ ni kò jẹ́ kí òun ṣe é. Oògùn apakòkòrò ti kúrò ní ìsọ̀. Mo fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda rẹ̀.
>
> Ó sunkún nígbà tó ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó kejì ọkọ rẹ̀. Ó wò mí lójú nígbà tó ń sọ̀rọ̀ ìsọ̀. Iṣẹ́ tí a gbé fún un lọ́sẹ̀ tó kọjá (kó máa jáde kúrò nílé kí aago mẹ́sàn-án tó lù): ó ṣe é ní ọjọ́ 3, ó ní àwọn ọjọ́ yẹn ni orí òun fúyẹ́. A jọ wá ohun tó dí i lọ́wọ́ ní ọjọ́ 3 yòókù: òru tí kò sùn ni.
>
> Èrò mi: ìrẹ̀wẹ̀sì ń dínkù díẹ̀díẹ̀, ewu kò tíì lọ.
>
> Ètò: ó ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, mo máa pè é ní Ọjọ́ Ajé. Mo kọ ìwé fún un láti rí dókítà nípa oorun, àti láti ṣe àyẹ̀wò ìlera tó béèrè fún. Ẹni tí yóò pè tó bá le: àbúrò rẹ̀, lẹ́yìn náà èmi, lóru, pàjáwìrì ilé ìwòsàn.

Ìyá Ẹ̀bútè

Ẹni tí kò rí i rí lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó o dúró sí. Gbólóhùn kan ni mo fẹ́ kó o tún ṣe: "ewu kò tíì lọ." Báwo ló ṣe pọ̀ tó, kí ló sì máa jẹ́ kó o mọ̀ pé ó ti pọ̀ sí i? Kọ ọ́ pé lójú tìrẹ kò tíì dé ibi tí a ó ti dá a dúró sí ilé ìwòsàn, nítorí kò ní ètò, ó sì gbà kí a kó oògùn kúrò. Kó o wá fi kún un pé tó bá sọ ọ̀nà kan, tàbí tí kò bá gbé fóònù ní Ọjọ́ Ajé, o máa pe àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tó bá gba ipò rẹ á mọ ohun tó máa ṣọ́.

Ọmọ Ìgbógbó

Mo ti fi kún un. Ó ku ọ̀kan mà: ìjókòó kẹrin yẹn. Ó ń wù mí kí n ya ojú ìwé mẹ́ta yẹn kúrò, kí n tún un kọ.

Lọ́yà Òdogùnyàn

Rárá o!

Ìyá Ẹ̀bútè

Má fọwọ́ kàn án, má sì fi ọ̀dà funfun pa nǹkan kan rẹ́ níbẹ̀. Bó o ṣe kọ ọ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni kó wà. Ìlà tó kàn tó ṣófo nínú fáìlì ni kó o ti kọ àfikún, pẹ̀lú déètì òní àti aago tó o kọ ọ́, kó o sì sọ ọjọ́ tó ń tọ́ka sí. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kan lo ṣì kọ, fa ìlà kan ṣoṣo sí i láàárín kí ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣì ṣeé kà, kó o fọwọ́ sí i. Ní ti orúkọ ọkọ àti àrùn ìyàwó kejì, bá ọ̀gá rẹ sọ ọ́, kí ẹ jọ pinnu ẹni tó láṣẹ láti rí ojú ìwé yẹn.

Ọmọ Ìgbógbó

Mo ti kọ ọ́: "Àfikún, a kọ ọ́ lónìí ní aago 12:40, nípa ìjókòó 4. Ẹni náà sọ lọ́jọ́ yẹn pé 'ayé ti sú mi.' N kò bi í síwájú sí i nígbà náà. Nọ́ńbà 9 lórí PHQ-9 ọjọ́ náà jẹ́ 1, n kò ṣàkíyèsí rẹ̀. Mo pè é lórí fóònù lẹ́yìn náà. Wo àkọsílẹ̀ ìpè àti ìjókòó 5." Mo fọwọ́ sí i. Ọ̀gá mi ní kí n kó àwọn fáìlì márùn-ún tó kù wá lọ́la, kí a jọ wo nọ́ńbà 9 nínú gbogbo wọn.